Ìwé àdéhùn ìdókòwò ojú-ìwé kan fún tọkọtaya: owó àsansílẹ̀ ilé àti owó ìfẹ̀yìntì

Ọmọ Àúlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kọ ìwé àdéhùn lórí owó tí à ń tọ́jú fún ilé àti fún ìfẹ̀yìntì, kó má ju ojú-ìwé kan lọ, kí àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹni ọdún 36 ni mí, FUTA ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n àti ti NHF, àpò ìjọba tó ń yá èèyàn lówó ilé, nínú owó oṣù mi. Ẹni ọdún 33 ni ìyàwó mi, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́, kò ní pẹ́ńṣọ̀n kankan. ₦120,000 ni a lè yọ sọ́tọ̀ lóṣù. ₦900,000 wà nílẹ̀ ní báńkì. Owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n mi jẹ́ ₦6,000,000. Ilé oníyàrá mẹ́ta lápá Ọ̀bà-Ilé là ń wò, ₦25,000,000 ni ejẹ́ǹtì pè é. A fẹ́ rà á ní oṣù kìíní 2030, kí a san 20% sílẹ̀, kí báńkì yá wa ní ìyókù. Èmi ní ká fi owó ra ṣíà, ìyàwó mi ní ilẹ̀ ni ká rà. Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé náà?

Bàbá Ìjàpọ̀

Ẹ kú ìnáwó o, àbúrò. Ẹ má kọ orúkọ báńkì sínú ojú-ìwé yẹn, ẹ má sì kọ iye èlé tí ẹ ń retí. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "a ó máa jẹ èlé 20% lọ́dún", lọ́dún tí tírẹ́ṣọ̀ bílì, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ìgbà kúkúrú, bá ń san 15%, ìwé yẹn gan-an ló máa tì yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ṣèlérí 30%. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe, ọjọ́ tó máa jáde, ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe tí nǹkan bá yí padà.

Ìdí tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń jiyàn ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa owó kan ṣoṣo. Owó méjì ni. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, owó ilé máa jáde lẹ́yìn oṣù 48, ẹ ò sì lè bẹ onílé pé kó dúró dìgbà tí ọjà ṣíà bá gbéra. Ọjà ṣíà lè wálẹ̀ kó pẹ́ ọdún méjì, mẹ́ta, kó tó padà síbi tó wà. Nítorí náà ṣíà kò ní nǹkan ṣe nínú owó ilé, ìyàwó yín ló sọ òótọ́ níbẹ̀, àmọ́ kí owó ilé má wọ ilẹ̀ náà. Owó ìfẹ̀yìntì ní ju ogún ọdún lọ níwájú, ìyẹn lè gba ṣíà. Ẹ̀yin náà sọ òótọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí. 20% nínú ₦25,000,000 jẹ́ ₦5,000,000. Ẹ fi ₦1,000,000 lé e fún lọ́yà, ẹni tó máa díwọ̀n iye ilé, wíwo ìwé ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀, àti ìforúkọsílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń já: owó àsansílẹ̀ pé pérépéré, owó ìwé kò sí, wọ́n á wá sáré yá èyí tí èlé rẹ̀ le. ₦6,000,000 ni gbogbo rẹ̀. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n, gbà kí òṣìṣẹ́ lo ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ fún owó àsansílẹ̀ ilé. Ìyẹn jẹ́ ₦1,500,000 nínú ti yín. Ó ku ₦4,500,000.

₦900,000 tó wà nílẹ̀, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sórí ilé. Ẹ yọ owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀ fún àìròtẹ́lẹ̀. Mo fi sí ₦600,000. ₦300,000 ló kù fún ilé. ₦4,200,000 lẹ ṣì ń wá, ẹ pín in sí oṣù 48, ₦87,500 ni. Ẹ pè é ní ₦88,000. Nínú ₦120,000, ó ku ₦32,000 lóṣù fún ìfẹ̀yìntì.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ka èlé kankan mọ́ ọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Iye ilé kò ní dúró sí ₦25,000,000, èlé tí owó yín bá jẹ ló máa sáré tẹ̀lé e.

Akínkanjú Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dá wọn lẹ́rù. Ìjọba ti ní kéèyàn gba 25% pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ fún ilé. Kó lọ gbà á báyìí, ₦1,500,000, kó ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Òdá, kó máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi báńkì ṣe?

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Akínkanjú, ìdajì ohun tẹ́ ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àyè 25% wà, ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022. Àmọ́ wọn kì í kó owó yẹn lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ya èèyàn lówó fún ilé, tí Báńkì Àpapọ̀ fún ní ìwé àṣẹ, ni wọ́n máa ń san án fún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún yín ní lẹ́tà pé àwọn gbà láti yá yín. Kò sí fún ríra ilẹ̀ lásán, kò sì sí fún bíríkì àti sìmẹ́ńtì tí èèyàn ń rà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà lèèyàn lè lò ó. Tí 25% bá sì ju owó àsansílẹ̀ tí wọ́n bèèrè lọ, iye tí wọ́n bèèrè nìkan ni wọ́n máa san.

Ọmọ Àúlé, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò ṣáájú ni bóyá ẹ tọ́ sí i. Owó tiyín àti ti agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wọ àkáǹtì yín fún oṣù 60 ó kéré tán. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n yín fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá máa fi ìka tọ̀ ọ́ lóṣooṣù. 8% ni tiyín, 10% ni ti agbanisíṣẹ́, ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá rí oṣù tí ọ̀kan wọlé tí èkejì kò wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá ọ́fíìsì owó oṣù sọ ọ́ báyìí. Tó bá di 2029 kẹ́ ẹ tó rí i, ètò yín ti dúró nìyẹn. Iye tí wọ́n yọ lórí ìwé owó oṣù kò tó ẹ̀rí, èyí tó wọ àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń kà.

Nǹkan kejì ni ìwé ilé. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ákùúrẹ́ ló jẹ́ pé rìsíìtì ẹbí àti ìwé sàfè nìkan ló ní. Báńkì kò ní fi irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró fún owó rẹ̀. Wọ́n fẹ́ C of O tàbí àṣẹ Gómìnà. Ẹ padà lọ bi ejẹ́ǹtì yẹn: ṣé iye ilé tó ní C of O ni ₦25,000,000, àbí ti èyí tí kò ní? Iye ilé tó níwèé ni kẹ́ ẹ kọ sójú-ìwé yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìṣirò Bàbá Ìjàpọ̀ á kàn lọ sórí ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè yá yín lówó lé.

Nǹkan kẹta: irú owó-yá wo? Ẹ ti ń dá owó NHF, 2.5%. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù mẹ́fà lè béèrè, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 6% lọ́dún. Tí báńkì bá yá yín ní ₦20,000,000 ní 6% fún ogún ọdún, nǹkan bíi ₦143,000 lẹ ó máa san lóṣù. Tó bá jẹ́ èlé 24%, irú èyí táwọn báńkì ọlọ́jà lè pè, iye owó kan náà, ogún ọdún kan náà, á di nǹkan bíi ₦403,000 lóṣù. Owó àsansílẹ̀ lè pé o, kí owó oṣù má gbé ìyókù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò ní ra ilé tí owó tí ẹ ó máa san lóṣù bá ju ìdámẹ́ta owó tó ń wọlé fún yín. Gbólóhùn yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ju ohunkóhun mìíràn tó wà nínú ìwé náà.

Alájọ Arákalẹ̀

Ẹ kú àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi mu. Ọkọ mi náà ní ká kọ ìwé báyìí, kí ó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá kú, ẹbí kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣé tí lọ́yà bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé yìí, ó ti di ìwé ìhágún nìyẹn?

Bàbá Ìjàpọ̀

Rárá o, Ìyá. Nǹkan mìíràn ni ìwé ìhágún. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, ó sì ní àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ìwé ìdókòwò yìí kò lè pín ogún fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín já sí ibi tó ṣe pàtàkì. Ẹni tí èèyàn kọ orúkọ rẹ̀ sí báńkì pé òun ló sún mọ́ òun jù, báńkì kò tìtorí ìyẹn di ẹni tó máa kó owó fún un. Tí kò bá sí ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti máa gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, ìyẹn sì ń gba oṣù. Owó pẹ́ńṣọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí ojú-ìwé wa lè ṣe ni pé kó sọ ibi tí nǹkan wà: àkáǹtì wo, lórúkọ ta, nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n, ibi tí ìwé bọ́ǹdì wà. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí sí i. Tí ẹ bá sì ṣí àkáǹtì alájọní fún owó ilé, ẹ bi báńkì pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan bá kú, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló máa ń fi àmì sí "àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i" láìbéèrè, wọn kì í sì mọ̀ pé owó náà lè dì pátápátá lọ́jọ́ tí ọwọ́ kan kò bá sí mọ́.

Ọmọ Àúlé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bi ejẹ́ǹtì. ₦25,000,000 yẹn ní C of O. Ìbéèrè ìyàwó mi rè é: ó ní tí a bá yọ 25% nínú pẹ́ńṣọ̀n mi, ṣé kì í ṣe pé a ń jẹ ọjọ́ ogbó wa ni? Ó tún ní níbo gan-an ni ₦88,000 yẹn máa wà?

Bàbá Ìjàpọ̀

Ìbéèrè ìyàwó yín lágbára, mi ò sì ní fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìṣirò náà láti òdì kejì. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fọwọ́ kan pẹ́ńṣọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ wá ₦1,500,000 yẹn níbòmíràn. Ẹ pín in sí oṣù 48, ₦31,250 lóṣù ni. Ẹ rántí pé ₦32,000 ló kù fún ìfẹ̀yìntì. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ó kó gbogbo ₦120,000 lé ilé lórí, owó ìyàwó yín fún ọjọ́ ogbó á sì jẹ́ òdo fún ọdún mẹ́rin.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn. Ẹ ní àwa méjèèjì ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹnì kan ṣoṣo ló ní pẹ́ńṣọ̀n. 18% owó yín ń wọlé lóṣooṣù, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ti ìyá ọjà kò sí. Nítorí náà èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ lo 25% ti ọkọ, kí gbogbo ₦32,000 yẹn máa wọ orúkọ ìyàwó. Owó kúrò níbi tó ti pọ̀, ó bọ́ síbi tí kò sí nǹkan kan. Tí ẹ kò bá ní kọ apá kejì yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé ìyàwó yín gba àre, ọjọ́ ogbó lẹ ń jẹ.

Fún ìyàwó, ètò pẹ́ńṣọ̀n wà fún àwọn tí kò gba owó oṣù, láti 2019 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kó ṣí àkáǹtì síbẹ̀, kó máa fi ₦16,000 sí i. ₦16,000 yòókù, kó fi ra àpò ìdókòwò alájọpọ̀ tó ń ra ṣíà, lórúkọ ara rẹ̀.

Ibi tí ₦88,000 máa wà: apá kan ní bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, apá kan ní àpò ìdókòwò alájọpọ̀ tó ń ra tírẹ́ṣọ̀ bílì. Bọ́ǹdì yẹn, ₦5,000 ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé èèyàn á kàn máa rà á lóṣooṣù títí dé òpin. Ẹni tó bá ra ọlọ́dún mẹ́ta ní 2028, 2031 ni owó rẹ̀ máa jáde, ilé sì ti lọ. Tó bá fẹ́ tà á ṣáájú ọjọ́, ó lè pàdánù. Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo bọ́ǹdì owó ilé gbọ́dọ̀ ti pé kó tó di oṣù keje 2029. Lẹ́yìn oṣù kẹfà 2026, ẹ ò gbọdọ̀ ra ọlọ́dún mẹ́ta mọ́. Lẹ́yìn oṣù kẹfà 2027, ẹ ò gbọdọ̀ ra ọlọ́dún méjì mọ́. Láti ìgbà yẹn, àpò tírẹ́ṣọ̀ bílì nìkan.

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé

Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ dọ́là. Kí oṣù kẹfà 2023 tó wọlé, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti ju ₦1,400 lọ. Ẹni tó ń tọ́jú owó ilé ní náírà nígbà yẹn, ọ̀pá irin, táìsì àti ohun iná sá fún un. Ó yẹ kí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé wà ní dọ́là.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023. Àmọ́ ẹ tún wo oṣù méjì tó tẹ̀ lé e: ní oṣù kẹrin 2024, dọ́là padà wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦1,200. Ẹni tí ọjọ́ ìsanwó ilé rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ìdámẹ́ta owó rẹ̀ wà ní dọ́là tó rà ní oṣù kejì, owó àsansílẹ̀ rẹ̀ ti dín. Náírà ni wọ́n fi ń ta ilé ní Ọ̀bà-Ilé, náírà ni báńkì sì máa gbà.

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé

Oṣù méjì lẹ mú. Tẹ́ ẹ bá mú ọdún mẹ́rin, dọ́là ló máa borí. Kí wọ́n rà á ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n tà á díẹ̀díẹ̀ ní ọdún méjì tó gbẹ̀yìn.

Bàbá Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì ní ìdí. Èmi á fi dọ́là sínú owó ìfẹ̀yìntì kí n tó fi sínú owó ilé, torí ogún ọdún lè gba ìlọsókè-sódò rẹ̀. Tí tọkọtaya yìí bá fẹ́ ẹ nínú owó ilé, kí wọ́n kọ òpin rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa tà á tán sílẹ̀. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n sáré rà á lọ́sẹ̀ tí ariwo bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àtúnyẹ̀wò oṣù kìíní hàn, torí òun ló ń mú kí ìwé yìí wúlò. Ká ní oṣù kìíní 2027 dé. Ẹ lọ bi ejẹ́ǹtì méjì iye tí irú ilé yẹn wà. Ká ní wọ́n pè é ní ₦28,000,000. Owó àsansílẹ̀ di ₦5,600,000, pẹ̀lú owó ìwé ₦1,000,000, ó di ₦6,600,000. Ká ní pẹ́ńṣọ̀n ti di ₦6,800,000, 25% rẹ̀ jẹ́ ₦1,700,000. Ẹ nílò ₦4,900,000 lápò yín. Ohun tó wà níbẹ̀: ₦300,000 àkọ́kọ́, ₦88,000 lọ́nà méjìlá tó jẹ́ ₦1,056,000, àti ká ní èlé ₦120,000. Ó jẹ́ ₦1,476,000. Ó ku ₦3,424,000, oṣù 36 ló kù, nǹkan bíi ₦95,000 lóṣù. Ó ti fi ₦7,000 lé.

Tẹ́ ẹ bá rí ₦7,000 yẹn, ẹ fi kún un. Tẹ́ ẹ kò bá rí i, ọ̀nà méjì ló wà: ẹ sún ọjọ́ síwájú, tàbí kẹ́ ẹ wá ilé tó kéré sí i. Kí ẹ gbé owó lọ síbi tí èlé ti pọ̀ jù kì í ṣe ọ̀nà kẹta. Kẹ́ ẹ kọ gbólóhùn yẹn gan-an sínú ìwé, torí ibẹ̀ ni èṣù ti ń wọlé.

Alájọ Arákalẹ̀

Ẹ dákun, ẹ fi ti ọjà sí i. Owó aṣọ kì í wọlé bákan náà lóṣooṣù. Oṣù kejìlá ń ru, oṣù kejì ń gbẹ. Ẹni tó bá ṣèlérí iye kan náà lóṣooṣù, owó ọjà ló máa fi san án, kò sì ní rí nǹkan fi kó aṣọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ kéré lóṣù tó gbẹ, kó fi kún un lóṣù tó ru. Owó ọjà kì í ṣe owó ìpamọ́ o.

Bàbá Ìjàpọ̀

Ó dára gan-an, mo ti fi sí i. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó wà lójú-ìwé náà nìyí. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

> Ìwé àdéhùn owó wa. Àkúrẹ́, oṣù kìíní 2026.
>
> Owó àìròtẹ́lẹ̀: ₦600,000, ní báńkì. Àìsàn, iṣẹ́ tó bọ́, òrùlé tó jò. Ìnáwó ẹbí kò sí níbẹ̀. Tí a bá mú nínú rẹ̀, òun la ó kọ́kọ́ dá padà kí a tó fi kọ́bọ̀ kan sí ìyókù.
>
> Owó ilé: ₦4,500,000 kí oṣù kìíní 2030 tó dé, yàtọ̀ sí 25% pẹ́ńṣọ̀n ọkọ. ₦88,000 lóṣù. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ àti àpò tírẹ́ṣọ̀ bílì nìkan. Kò sí ṣíà, kò sí ilẹ̀, a kì í yá ẹnikẹ́ni. Gbogbo bọ́ǹdì gbọ́dọ̀ pé kí oṣù keje 2029 tó dé.
>
> Owó ìfẹ̀yìntì: pẹ́ńṣọ̀n ọkọ ń lọ bó ṣe ń lọ. ₦32,000 lóṣù, lórúkọ ìyàwó: ìdajì pẹ́ńṣọ̀n, ìdajì àpò ṣíà. Oṣù tí ọjà bá gbẹ, ₦15,000 kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àìpé rẹ̀, kí a san án kí oṣù kejìlá tó parí. Tí ṣíà bá wálẹ̀, a ò tà.
>
> Ilé tí a lè rà: ó ní C of O tàbí àṣẹ Gómìnà. Owó tí a ó máa san lóṣù kò ju ìdámẹ́ta owó tó ń wọlé.
>
> Ohun tuntun: kò sí ìdókòwò tuntun àfi tí àwa méjèèjì bá fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ méje, lẹ́yìn tí a bá ti rí orúkọ ilé iṣẹ́ náà ní sec.gov.ng, ojúlé àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò.
>
> Àtúnyẹ̀wò: oṣù kìíní lọ́dọọdún. Iye ilé, iye pẹ́ńṣọ̀n, iye tó kù. Tí kò bá pé: a fi kún un, tàbí a sún ọjọ́, tàbí a wá ilé kékeré. A kò ní lé èlé.
>
> Ibi tí ìwé wà: …………
>
> Ọkọ: …………  Ìyàwó: …………

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Ó pé. Àfikún kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá ń kó owó náà jọ ní báńkì nígbà tí ọjọ́ bá sún mọ́, ẹ rántí pé NDIC ń dáàbò bo ₦5,000,000 fún ẹnì kan ní báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ₦2,000,000 péré ni ní báńkì tó ń ya èèyàn lówó fún ilé àti ní báńkì kéékèèké. Àwọn kan á ti kó gbogbo owó àsansílẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú kí wọ́n lè rí ojú rere. Ẹ dúró kí lẹ́tà ìfọwọ́sí jáde ná. Ìwé NHF lè pẹ́ lọ́nà, owó yín ò gbọdọ̀ máa sùn síbi tí ààbò rẹ̀ kò kárí.

Akínkanjú Oǹdó

Mo ti gbọ́ ti pẹ́ńṣọ̀n yẹn, ẹ ṣeun. Owó kọ́-ópù wá ńkọ́? Ní ibi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ní ₦1,000,000 lè yá ₦2,000,000. Ó sàn ju báńkì lọ.

Bàbá Ìjàpọ̀

Ó dára fún òrùlé, fún fẹ́ǹsì, fún ohun tí ẹ lè san tán ní ọdún méjì. Fún owó àsansílẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Báńkì máa rí gbèsè kọ́-ópù lórí ìwé owó oṣù yín, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìdámẹ́ta tí Ìyá Ìbejì sọ, iye tí wọ́n lè yá yín á dín kù. Ohun kejì, tẹ́ ẹ bá ti ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn ní kọ́-ópù, owó yín lè há síbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi san gbèsè rẹ̀. Ọmọ Àúlé, tẹ́ ẹ bá jẹ́ onídùúró fún ẹnikẹ́ni báyìí, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ìyàwó yín mọ̀.

Ọmọ Àúlé

Mo jẹ́ onídùúró fún ẹnì kan, ₦400,000. Ìyàwó mi ò mọ̀, mo máa sọ fún un lónìí. A ti gba gbogbo ojú-ìwé náà àfi ibì kan: ó ní kí ₦16,000 tó yẹ kó lọ sí ṣíà máa lọ sí dọ́là bí Ọmọ Ọ̀ṣemàwé ṣe sọ, torí dọ́là ló ń pinnu iye tí òun ń ra aṣọ.

Bàbá Ìjàpọ̀

Ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ kó jẹ́ dọ́là nìkan. Òótọ́ ni pé dọ́là tó bá wọ́n máa ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́, tí ó bá sì ní dọ́là lápò, á rí nǹkan fi dúró. Ṣùgbọ́n owó tó ń dúró de okòwò yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá gbówó lórí, yóò tú u láti fi kó ọjà, ọjọ́ ogbó á sì ṣófo. Tó bá fẹ́ dọ́là, kó ya ₦8,000 sí àpò alájọpọ̀ tó ń ra bọ́ǹdì dọ́là, ₦8,000 sí ṣíà, kó sì kọ ọ́ pé kò ní fi èyíkéyìí nínú méjèèjì kó ọjà.

Ọmọ Ọ̀ṣemàwé

Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi á fi ₦12,000 sí dọ́là.